Ibi Tí Ohùn Yorùbá Ti Ń Kọsẹ̀ Nínú Èdè Faransé

Ní ọdún 1967, David Abercrombie, onímọ̀ ìró èdè tó ń kọ́ni ní yunifásítì ìlú Ẹ́díńbọ́rà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀nà méjì ni àwọn èdè ayé ń gbà pín àkókò ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní àkókò tó dọ́gba. Àwọn yòókù ń mú sílébù kan, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn á wá sáré gba orí àwọn tó tẹ̀ lé e kọjá títí wọn yóò fi dé ibi tí wọn yóò tún ti tẹ òmíràn mọ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, èdè Rọ́ṣíà àti Lárúbáwá ló fi ṣe àpẹẹrẹ irú kejì yìí. Nígbà tó kan irú àkọ́kọ́, èdè mẹ́ta ló dárúkọ: Faransé, Tẹlúgù ti ilẹ̀ Íńdíà, àti Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó tètè dé etí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ èdè Faransé, ìbáà jẹ́ ọmọ Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ níwèé láti kékeré, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìbàdàn tó lọ sí Abúlé Èdè Faransé ní Àgbádárìgì. Ó ń sọ fún wọn pé apá kan iṣẹ́ náà ti wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó dé kíláàsì. Yorùbá kì í gbé sílébù mì. Ẹni tó bá pe Olúwafúnmiláyọ̀ ní pípé, sílébù méje la óò gbọ́, kò sí èyí tí ó jókòó lé ìkejì lórí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Faransé fẹ́ kí a ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan tí a óò máa padà sí. Ẹni tó fẹ́ sọ pé obìnrin kan ń gbé ní Kútọnu yóò lo ọ̀rọ̀ mẹ́rin: "ẹl" fún obìnrin náà, "abit" fún gbígbé, "a" fún "ní", àti orúkọ ìlú náà. (Mo ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ Faransé níhìn-ín bí etí ṣe ń gbọ́ wọn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé wọn.) Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́nu, kọ́ńsónáǹtì tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan máa ń ṣí lọ bá fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì, ohun tí a óò sì gbọ́ ni:

ẹ-la-bi-ta-Kọ-tọ-nu

Sílébù méje, fáwẹ́lì sì ló parí gbogbo wọn, bíi ti Yorùbá. Ẹnu wa kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà nìkan ló lè ba ìdọ́gba náà jẹ́, tó bá lọ gbé àṣà títẹ sílébù kan mọ́lẹ̀ àti gbígbé ìyókù mì wọ inú Faransé. Ìmọ̀ràn mi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, kó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa rìn bí ó ṣe ń rìn nínú Yorùbá.

Ohùn ni ìṣòro náà wà. Ọmọ Yorùbá tó sọ "kọ́" ti sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tàbí ilé kíkọ́, tó bá sọ "kọ" ó di ọ̀rọ̀ ìwé, tó bá sọ "kọ̀" ó ti yarí. Ìró lẹ́tà kò yí padà, ohùn ló yí i. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, etí rẹ̀ kì í gba ìró rẹ̀ lọ́tọ̀ kó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń gba méjèèjì, ohùn tó bá sì kọ́kọ́ gbọ́ ni yóò máa fi pe ọ̀rọ̀ náà lọ títí. Bí a ṣe kọ́ èdè wa nìyẹn, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún èdè wa.

Àmọ́ nínú Faransé, ọ̀rọ̀ kò ní ohùn tirẹ̀. Àpólà ló ní ohùn. Àpólà ni ìdì ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ìtumọ̀ wọn so mọ́ra, tí a sọ pọ̀ láìdánu dúró. Nínú àpólà kọ̀ọ̀kan, sílébù tó gbẹ̀yìn nìkan ló ní iyì: òun ni a ń fà gùn, tó ń tó bí ìlọ́po méjì ìyókù, orí rẹ̀ sì ni ohùn ti ń gòkè tàbí tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí Peter Roach wọn àkókò sílébù nínú èdè mẹ́fà tí Abercrombie dárúkọ, tí ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1982, kò rí ìdọ́gba tí wọ́n ti ń sọ. Ti Faransé kò yà mí lẹ́nu. Àwọn tó wà ṣáájú nínú àpólà ń rìn déédéé, ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ̀yìn máa ń gùn jù wọ́n lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe kọfí, "kafe". Ẹni tó ń béèrè fún ife kan yóò ní "ẹn-ka-fe", "fe" ni yóò gùn, orí rẹ̀ ni ohùn yóò ti yí. Tó bá fẹ́ kí wọ́n bu mílíìkì sí i, yóò ní "ẹn-ka-fe-o-lẹ". Iyì ti kúrò lórí "fe" o, "lẹ" ló gbà á. "Fe" wá kúrú, ó sì tẹ́jú bíi "ka" tó ṣáájú rẹ̀. Tó bá tún fẹ́ kó tutù bíi yìnyín, yóò ní "ẹn-ka-fe-o-lẹ-gla-se", ìgbà yìí sì ni "lẹ" náà pàdánù iyì rẹ̀, tí "se" jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni "kafe" nínú gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohùn kan tí a lè kọ sí i lórí pé tirẹ̀ nìyí.

Ọmọ Yorùbá tó ti há "kafé" sórí yóò máa sọ ọ́ ní "kafé" ní gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó bá dé "ẹn kafé o lẹ", ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò rò pé àpólà ti parí sórí "fe", nítorí pé ibi tí ohùn bá ti gòkè ni etí Faransé ti ń gé ọ̀rọ̀. Ìyókù yóò wá dà bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ibí yìí kan náà ni àṣà wa mìíràn ti ń yọjú: a máa ń pa fáwẹ́lì méjì tó bá pàdé pọ̀ sínú ara wọn, bí "wá" àti "ẹ̀kọ́" ṣe di "wẹ́kọ̀ọ́". Nínú "fe-o", ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Sílébù méjì ni, kí a gbọ́ méjèèjì.

Àṣà kejì tó ń dí wa lọ́wọ́ wá láti inú ọ̀rọ̀ àyálò Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo bí a ṣe sọ wọ́n di tiwa: mọ́tò, fọ́tò, tísà, dókítà. Ohùn òkè ló ń ṣíwájú, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ la gbé ohùn òkè lé, a sì jẹ́ kí ìparí rẹ̀ rọlẹ̀. Èyí ti mọ́ wa lára débi pé ọ̀rọ̀ òkèèrè yòówù tó bá dé ni a fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Faransé náà ní "moto", alùpùpù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní "foto" fún àwòrán. Akẹ́kọ̀ọ́ wa á gbọ́ ọ, á ní òun mọ ọ̀rọ̀ yìí, á wá pè é ní "mọ́tò" àti "fọ́tò" gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nílé. Iyì wá bọ́ sórí sílébù àkọ́kọ́, ibi tí Faransé kò fẹ́ ẹ, sílébù tó gbẹ̀yìn wá di ẹlẹ́gẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohùn kò wúlò nínú Faransé o. Ó wúlò gan-an, iṣẹ́ tó ń ṣe ló yàtọ̀. Ẹ wo sílébù mẹ́jọ yìí:

pa-pa-di-A-li-ẹ-ma-lad

"Papa" ni bàbá, "di" ni wí, "ẹ malad" ni ó ń ṣàìsàn. Ta ló ń ṣàìsàn? Ó dọwọ́ bí ohùn bá ṣe pín in. Bí ohùn bá gòkè sórí "pa" kejì, tí "di-A-li" wá lọ nílẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí a tó sọ "ẹ-ma-lad", Ali ló ń sọ̀rọ̀, bàbá ló sì ń ṣàìsàn. Bí "pa-pa-di" bá jẹ́ àpólà kan, tí ohùn gòkè tí ó sì gùn lórí "di", tí "A-li-ẹ-ma-lad" wá tẹ̀ lé e tó sọ̀kalẹ̀ sórí "lad", bàbá ló ń sọ̀rọ̀, Ali ló wà lórí àkéte. Kò sí ìró kankan tó yí padà láàárín méjèèjì. Ọmọ Yorùbá tó fún "pápà" ní ohùn tirẹ̀, tó fún "Álì" ní tirẹ̀, tó fún "málàdì" ní tirẹ̀, ti sọ gbólóhùn tí kò sí ẹni tó lè mọ aláìsàn nínú rẹ̀.

Báwo wá ni a óò ṣe tún un ṣe? Irinṣẹ́ tó dára jù tí mo mọ̀, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti rí i: dò, re, mí. Gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Òfin tí a óò fi wọ inú Faransé kò gùn. Gbogbo sílébù tó wà nínú àpólà, orí "re" ni kí ẹ sọ wọ́n sí. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ni kó kúrò lórí "re": tí ọ̀rọ̀ kò bá tíì parí, kó gòkè sí "mí", tí gbólóhùn bá ti parí, kó sọ̀kalẹ̀ sí "dò". Nínú méjèèjì, ẹ fà á gùn.

Ẹ jẹ́ ká fi kún gbólóhùn wa. Obìnrin náà ń gbé ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń gbé ní Páríìsì:

ẹ-la-bi-ta-Kọ-tọ-nu, mẹ-sa-mẹ-ra-bi-ta-Pa-ri

Kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ fi dò-re-mí kọ ọ́: re-re-re-re-re-re-míí, re-re-re-re-re-re-re-dòò. Ẹ fi ìka lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan, kí ìlù náà má yára, kó má sì falẹ̀. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọn yín lẹ́nu, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ náà rọ́pò rẹ̀, ìka ò gbọdọ̀ dúró. Ibi tí ẹnu yóò ti fẹ́ ṣe bó ṣe máa ń ṣe ni "Kọ-tọ-nu". Nítorí pé orúkọ ìlú ni, ọmọ Yorùbá á fẹ́ fún un ní ohùn tirẹ̀ látòkè délẹ̀, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè láti "Kọ". Ẹ dá a dúró. "Kọ" àti "tọ" ṣì wà lórí "re". "Nu" nìkan ló ń lọ.

Bí "nu" ṣe ń lọ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú "ilé", ohùn òkè orí "lé" tẹ́jú, ó ti wà lókè kí a tó débẹ̀. Nínú "ọ̀rẹ́", kò rí bẹ́ẹ̀: nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ló ṣáájú, ohùn "rẹ́" máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á wá gòkè nínú sílébù náà gan-an. Ẹ pe méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, ẹ óò gbọ́ ìyàtọ̀ náà. "Rẹ́" inú "ọ̀rẹ́" ni òpin àpólà Faransé jọ, kò jọ "lé" inú "ilé". Fún ìsọ̀kalẹ̀, ẹ rántí "ọbẹ̀" nígbà tó bá gbẹ̀yìn gbólóhùn, bí "bẹ̀" ṣe ń yọ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ fa ìyẹn gùn díẹ̀, ẹ ti rí "ri" inú "Pa-ri".

Ìbéèrè tún gba àkíyèsí. Nínú Yorùbá, "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" ló ń sọ gbólóhùn di ìbéèrè. Ohùn àwọn ọ̀rọ̀ yòókù dúró síbi tó wà. Faransé lè fi ohùn nìkan ṣe é. "Ẹ-la-bi-ta-Kọ-tọ-nu" tí "nu" rẹ̀ bọ́ sí "dò" jẹ́ ìròyìn. Bí "nu" bá fò sókè ju "mí" ti àpólà lásán lọ, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì dákẹ́ síbẹ̀, ìbéèrè ni. Etí wa kò mọ́ sí i pé kí ohùn sílébù kan ṣoṣo dá iṣẹ́ "ṣé" ṣe, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń béèrè tí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kò fi dáhùn. Ó rò pé wọ́n ń ròyìn fún òun ni. Kí ìyẹn tó mọ́ yín lára, ẹ lo "ẹs-kẹ", tó ń ṣe ohun tí "ṣé" ń ṣe gẹ́lẹ́, iwájú gbólóhùn náà ló sì ń dúró sí: "ẹs-kẹ-la-bi-ta-Kọ-tọ-nu". Pẹ̀lú rẹ̀, ìbéèrè náà yóò yéni bí ohùn kò tilẹ̀ fò sókè.

Ní ti fífi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan láàárín gbólóhùn, Faransé àti Yorùbá tún padà di ìbátan. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè pariwo mọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí a kíyè sí, kó sì fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Àwa ń gbé e wá síwájú, a ó fi "ni" tì í lẹ́yìn: Kútọnu ni ó ń gbé. Faransé náà ń gbé e wá síwájú: "sẹ-ta-Kọ-tọ-nu, kẹ-la-bit". Ẹ lo ọ̀nà yìí láìbẹ̀rù, kò gba kí ẹ fi agbára gbé ohùn kankan.

Ẹ óò rí i pé "bit" yìí fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí kò sí fáwẹ́lì lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gbà á. Ibẹ̀ ni Yorùbá ti máa ń fi "ì" kún un, kó di "bíìtì", bí a ṣe ṣe fún "bẹ́líìtì". Ewu rẹ̀ ju ti ìpè lọ: sílébù kan ti pọ̀ sí i, "tì" wá di ẹni tó gbẹ̀yìn, iyì tó yẹ kó wà lórí "bi" sì bọ́ sọ́wọ́ sílébù tí kò sí nínú èdè náà. Bákan náà ni "lad" inú "malad". Ẹ fa fáwẹ́lì rẹ̀ gùn dáadáa, kí ahọ́n kàn wá gun òkè ẹnu fún "t" tàbí "d", kí ó sì parí síbẹ̀. Bí ìka yín bá lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn "bit", ẹ ti fi fáwẹ́lì kún un nìyẹn.

Láti mọ̀ bóyá ohùn ti tú kúrò lára ọ̀rọ̀, ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ "ẹn-ka-fe" àti "ẹn-ka-fe-o-lẹ", kí ẹ sì gbọ́ "fe" inú méjèèjì. Bí wọ́n bá dọ́gba ní gígùn àti ní gíga, ó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè gba ètò tó ń jẹ́ Praat sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, Paul Boersma àti David Weenink ti yunifásítì Amsitadámù ló ṣe é. Ó máa ń fi ìlà ya bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, kí ojú lè rí ohun tí etí kò tètè gbọ́. Ìlà ẹni tó tún un ṣe yóò lọ pẹlẹbẹ, yóò wá yí lẹ́ẹ̀kan ní òpin àpólà. Ti ẹni tó ṣì ń fi ohùn Yorùbá sọ ọ́ yóò máa fò sókè sódò lórí sílébù kọ̀ọ̀kan.

Òfin "re" yìí kò sọ gbogbo òótọ́ nípa Faransé. Nínú àpólà tó bá gùn, ohùn lè gòkè díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan kó tó tẹ́jú, àwọn asọ̀ròyìn orí rédíò sì máa ń ṣe é púpọ̀, débi pé ẹni tó bá fi wọ́n kọ́ ohùn yóò rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni iyì ń gbé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọ̀la. Ìjíròrò àwọn ènìyàn lásán, níbi tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ tí wọn kò kàwé, ló dára jù láti gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tijú ohùn ilé rẹ̀. Ní ìlú Bangí, olú ìlú orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, Sáńgò tó jẹ́ èdè olóhùn ni àwọn ènìyàn ń sọ pẹ̀lú Faransé. Guri Bordal, onímọ̀ èdè, ṣe ìwádìí lórí Faransé wọn, ó sì fi hàn nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 2012 pé ohùn ti so mọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí ó ṣe ń so mọ́ ọ nínú èdè olóhùn. Àwọn náà gbọ́ ara wọn yé. Ibi tí àtúnṣe ti pọn dandan ni ìgbà tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ kò ní èdè olóhùn kankan lẹ́nu, tó jẹ́ pé òpin àpólà nìkan ló ń fi etí wá.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún olùkọ́ ni ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń kà sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, máa ń gba ohùn òpin àpólà nígbà gbogbo, nítorí pé òun nìkan ni àpólà rẹ̀. Ibẹ̀ ni "kafé" ti ń wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan sínú àpólà mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ náà gbẹ̀yìn nínú ọ̀kan, kó wà láàárín nínú èkejì, kó ṣíwájú nínú ẹ̀kẹta, kí ó má sì fi àmì ohùn sí ibikíbi àyàfi orí sílébù tó gbẹ̀yìn.